Dómeènì yín àti sáìtì yín: ṣé kẹ́ ẹ gbé nẹ́ìmù-sáfà fún họ́ọ̀sì ni, àbí kẹ́ ẹ kàn fi rẹ́kọ́ọ̀dù kún un?

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá dé nígbà tí akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan n'Ìjẹ̀bú-Òde pè mí. Sáìtì wọn ti wà nílẹ̀, ojú-ewé mẹ́ta péré ni, fọ́tò ọdún tó kọjá wà níbẹ̀, àwọ̀ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ Ojúde Ọba wà níbẹ̀, àti bí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun ṣe máa san owó tiẹ̀. Fáìlì lásán ni gbogbo ẹ̀, kò sí dátábéèsì kankan lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n sì ti ní dómeènì tipẹ́, torí orí ẹ̀ ni ìmeèlì akọ̀wé àti ti akápò wà. Ohun tó kù kò ju kí orúkọ yẹn ṣí sáìtì tuntun yìí lọ. Àmọ́ họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò, ìyẹn iléeṣẹ́ tó máa ń gbé sáìtì fún èèyàn, gbé ọ̀nà méjì síwájú wọn, ó ní kí wọ́n yí nẹ́ìmù-sáfà dómeènì wọn padà sí tòun, tàbí kí wọ́n lọ fi àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èwo ni ká mú nínú ẹ̀, ó ti ń pẹ́ o."

Mo ní kí wọ́n má tíì tẹ nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ti ń gbé lórí dómeènì yìí kí sáìtì tó dé?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló máa yan ọ̀nà fún yín, kì í ṣe èyí tí họ́ọ̀sì fi bọ́tìnì ńlá sí. Bí ìmeèlì bá wà lórí dómeènì, ẹ fi ìwé ẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ kàn fi rẹ́kọ́ọ̀dù kún un. Bó bá jẹ́ dómeènì tuntun tí nǹkan kan ò tíì sí lórí ẹ̀, gbígbé nẹ́ìmù-sáfà ò burú rárá, ó tiẹ̀ lè rọrùn jù. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Gbogbo dómeènì ló ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́ pé sáìtì wà ní nọ́ńbà báyìí, ìmeèlì ń lọ sí ọ̀dọ̀ lágbájá. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn là ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù, nẹ́ìmù-sáfà sì ni ibi tí ìwé náà fúnra ẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá yí nẹ́ìmù-sáfà, ẹ ò yí ìlà kan o, ńṣe lẹ sọ fún gbogbo ayé pé ìwé àtijọ́ yẹn kì í ṣe ìwé mọ́, kí wọ́n lọ ka òmíràn ní ilé họ́ọ̀sì. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìwé tuntun yẹn, kò sí mọ́ nìyẹn. Bí ìgbà téèyàn kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé fún àlejò ni, nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan péré ló fẹ́ kó sùn.

Tó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ fi kún un ńkọ́? Ìwé ṣì wà níbi tó wà, ìlà méjì sí márùn-ún péré lẹ fọwọ́ kàn, àwọn ìlà ìmeèlì ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

| | Gbígbé nẹ́ìmù-sáfà | Fífi rẹ́kọ́ọ̀dù kún un |
|---|---|---|
| Iṣẹ́ ọwọ́ yín | Ẹ pààrọ̀ orúkọ méjì, họ́ọ̀sì ṣe ìyókù sáìtì | Ẹ fọwọ́ tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan |
| Ìmeèlì tó wà tẹ́lẹ̀ | Á kú tẹ́ ẹ ò bá kó ìlà ẹ̀ lọ | Kò sóhun tó ṣe é |
| Orúkọ láìsí www | Họ́ọ̀sì bá yín yanjú ẹ̀ | Nọ́ńbà IP lẹ máa fi ṣe é |
| Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn | Ó lè tó ọjọ́ méjì | Ìṣẹ́jú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dín TTL kù |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn kì í kà. Fún dómeènì tó bá fi .com parí, ìsọfúnni pé "nẹ́ìmù-sáfà dómeènì yìí nìyí" ní TTL 172800, sẹ́kọ́ndì nìyẹn o, ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tó bá ti gbé èyí tẹ́ ẹ fi sí i pamọ́, ó láṣẹ láti máa lò ó fún ọjọ́ méjì kó tó tún bèèrè.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni iṣẹ́ kan tí mo ṣe ní Ṣágámù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Mo gbé nẹ́ìmù-sáfà wọn fún họ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, sáìtì ṣí, inú gbogbo wa dùn. Mi ò kó ìlà MX lọ. MX yẹn ló ń sọ ibi tí ìmeèlì ń lọ. Ohun tó wá jẹ́ kó burú ni pé kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, torí tí dómeènì ò bá ní MX, sáfà tó fẹ́ fi ìmeèlì ránṣẹ́ á lọ gbé e fún nọ́ńbà tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù A, ìyẹn họ́ọ̀sì sáìtì wa, họ́ọ̀sì sáìtì ò sì gba ìmeèlì, nítorí náà sáfà yẹn á tọ́jú ẹ̀ sínú ìlà, á máa padà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi ránṣẹ́ rò pé ó ti dé. Ẹni tó ń retí ẹ̀ rò pé wọn ò fi ránṣẹ́. Ọjọ́rú ni akọ̀wé wọn tó pè mí pé òun ò rí ìmeèlì kankan láti ọjọ́ Ajé, ó sì ń retí ìwé láti báńkì. Ó dùn mí gan-an, torí wọ́n fọkàn tán mi.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n dá nẹ́ìmù-sáfà padà, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò ṣe é, torí ọjọ́ méjì míì ni ì bá gbà. Ńṣe ni mo lọ fi àwọn ìlà MX yẹn sínú ìwé tuntun ní ọ̀dọ̀ họ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìlà TXT tó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti fi ìmeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dómeènì. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìmeèlì tó ti há sọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Torí náà tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má sáré padà sẹ́yìn, ẹ tún ìwé tó wà lọ́wọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí kò ní www

Ibí gan-an ni họ́ọ̀sì kan ti yàtọ̀ sí èkejì, torí náà ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù oríṣi méjì ló ń tọ́ka sí sáìtì. Èyí tó ń jẹ́ A máa ń gba nọ́ńbà IP. Èyí tó ń jẹ́ CNAME máa ń gba orúkọ, ó ń sọ pé "ohun tí orúkọ tọ̀hún bá ń jẹ́, èmi náà ni mò ń jẹ́". CNAME ló dáa jù fún sáìtì, torí tí họ́ọ̀sì bá yí nọ́ńbà sáfà ẹ̀ lọ́la, kò kàn yín, orúkọ náà ló ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ òfin kan wà tó ti wà látìgbà tí wọ́n ti kọ ìlànà DNS, ìyẹn ètò ìwé dómeènì yìí, ní 1987: orúkọ tó bá ní CNAME ò gbọ́dọ̀ ní rẹ́kọ́ọ̀dù míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Orí dómeènì, ìyẹn example.com láìsí www níwájú, sì gbọ́dọ̀ ní rẹ́kọ́ọ̀dù NS àti SOA dandan, ibẹ̀ sì ni MX ìmeèlì yín náà wà. Nítorí náà CNAME ò lè gbé níbẹ̀. www.example.com lè gba CNAME, example.com ò lè gbà á. Lójú ìwé tẹ́ ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n sábà máa ń fi @ dúró fún orí dómeènì yẹn.

Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì fi ń bèèrè oríṣi rẹ́kọ́ọ̀dù méjì lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fi ń rò pé wọ́n kàn fẹ́ da yín láàmú ni. Ibi táwọn kan ti ra dómeènì máa ń ní ohun tí wọ́n ń pè ní ALIAS tàbí ANAME, òun máa ń ṣe iṣẹ́ CNAME ní orí dómeènì láìrú òfin, torí ó máa ń bá yín wá nọ́ńbà náà kó tó dáhùn. Tẹ́ ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ lò ó. Tí kò bá sí, A lẹ máa lò.

Àwọn kan á ní kí n fi www nìkan sí họ́ọ̀sì, kí n wá lo fọ́wọ́dì ibi tí mo ti ra dómeènì láti darí orí dómeènì síbẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Fọ́wọ́dì ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní sẹ́tífíkéètì, nítorí náà ẹni tó bá tẹ https níwájú orúkọ náà á rí ìkìlọ̀ pupa dípò sáìtì.

Họ́ọ̀sì mẹ́ta, ohun tí wọ́n ń bèèrè

GitHub Pages ń bèèrè A mẹ́rin àti CNAME kan:

```
@    A      185.199.108.153
@    A      185.199.109.153
@    A      185.199.110.153
@    A      185.199.111.153
www  CNAME  orukoyin.github.io
```

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa fi sí i, tí ọ̀kan bá sùn, kí òmíràn lè dáhùn. CNAME yẹn, orúkọ àkáǹtì yín nìkan ni, ẹ má ṣe fi orúkọ fódà iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn ẹ̀, àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe orí dómeènì àti www méjèèjì, ó máa ń darí ọ̀kan sí èkejì fúnra ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́, gbogbo èèyàn ló lè rí fáìlì tẹ́ ẹ fi ṣe sáìtì, nítorí náà ẹ má fi àkọsílẹ̀ ẹni tó san owó àti ẹni tí kò san síbẹ̀.

Netlify ò fi dandan mú yín lórí nẹ́ìmù-sáfà. CNAME www ń lọ sí saitiyin.netlify.app. Fún orí dómeènì, tẹ́ ẹ bá ní ALIAS, ẹ darí ẹ̀ sí apex-loadbalancer.netlify.com, tẹ́ ẹ ò bá ní, A kan ṣoṣo ni, 75.2.60.5. Àwọn fúnra wọn sọ pé kẹ́ ẹ fi www ṣe orúkọ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ń lo A, torí nọ́ńbà kan yẹn ò lè gbé àlejò lọ sí sáfà tó sún mọ́ ọn bí CNAME ṣe lè ṣe é. Fún ẹgbẹ́ tó ní ọmọ n'Ìjẹ̀bú-Igbó tó tún ní ọmọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìyẹn ní ìtumọ̀.

Cloudflare Pages ló yàtọ̀ jù. Tó bá jẹ́ www nìkan, CNAME sí orukoise.pages.dev ti tó, dómeènì lè wà níbikíbi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ orí dómeènì, wọn ò gba A lọ́wọ́ yín, nẹ́ìmù-sáfà gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn dandan. Wọ́n máa ń gbìyànjú láti ka ìwé àtijọ́ kí wọ́n sì kó àwọn ìlà inú ẹ̀ wá, àmọ́ ó lè fo àwọn kan, nítorí náà ẹ fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun. Ohun kan tún wà: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dómeènì náà sínú iṣẹ́ yín nínú dáṣíbọọ̀dù wọn. Tẹ́ ẹ bá kàn lọ fi CNAME sí i láìṣe ìyẹn, àṣìṣe 522 lẹ máa máa rí.

Èwo ni mo máa mú? Dómeènì tó ní ìmeèlì, GitHub Pages tàbí Netlify, pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan. Dómeènì tuntun tí kò ní nǹkan kan lórí, Cloudflare Pages, kí n gbé nẹ́ìmù-sáfà fún wọn kí n sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà tí dáṣíbọọ̀dù yín gbé jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, kẹ́ ẹ fi wé àwọn tí mo kọ síbí, torí họ́ọ̀sì lè yí wọn padà nígbàkígbà. Tiwọn lẹ máa tẹ̀ lé.

Bá a ṣe ṣe ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yẹn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ti gbé fáìlì sórí GitHub, nítorí náà ibẹ̀ la lò. Mi ò ní kọ dómeènì wọn síbí, example.com ni mo fi rọ́pò ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù náà bó ṣe wà. MX méjì ló wà níbẹ̀, TXT kan fún ìmeèlì, A kan tó ń lọ sí ojú-ewé ìpolówó tí wọ́n máa ń fi sórí dómeènì tí kò ní sáìtì, àti CNAME www tó ń lọ sí @. TTL gbogbo wọn jẹ́ 14400, wákàtí mẹ́rin nìyẹn. A yí ti A àti ti www sí 300, a sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹni tó bá ti tọ́jú ti àtijọ́ lè ti gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí GitHub kí á tó fọwọ́ kan DNS. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ṣe pàtàkì, torí tí dómeènì yín bá ti ń tọ́ka sí họ́ọ̀sì nígbà tẹ́ ẹ ò tíì fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíì lè gba orúkọ náà sórí àkáǹtì tiẹ̀ kí sáìtì tiẹ̀ máa ṣí lórí dómeènì yín. A kọ́kọ́ ṣe ti ìjẹ́rìí nínú ètò àkáǹtì, wọ́n fún wa ní TXT kan tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _github-pages-challenge-, a fi sí i, wọ́n gbà pé àwa la ni dómeènì. Lẹ́yìn náà a kọ example.com sí àyè Custom domain, a pa A àtijọ́ rẹ́, a fi mẹ́rin tuntun sí i, a yí CNAME www. MX, a ò wò ó lójú.

Orí dómeènì ṣí ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, www ò ṣí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká bèèrè lọ́wọ́ DNS fúnra ẹ̀, torí fóònù lè máa rántí ohun àtijọ́. Mo wá tẹ àwọn àṣẹ yìí sí tẹ́mínà kọ̀ǹpútà mi:

```
dig +short example.com A
dig +short www.example.com CNAME
dig +short example.com MX
```

Ìlà kìíní mú nọ́ńbà mẹ́rin wá, ìkẹta mú MX méjì wá, ìkejì ò mú nǹkan kan wá. Nígbà tá a padà wo ojú ìwé ibi tí wọ́n ti ra dómeènì, a rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ti pa www àtijọ́ rẹ́, ó wá tẹ www.example.com sí àyè orúkọ ti tuntun, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú ìwé yẹn máa ń fi dómeènì kún ohunkóhun téèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ohun tó wà nínú ìwé ni www.example.com.example.com. A yí i sí www lásán, ó sì dáhùn. Irú ẹ̀ kan náà lè ṣẹlẹ̀ ní apá kejì, kí orukoyin.github.io di orukoyin.github.io.example.com, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ fi àmì ìdánudúró sí ìparí ẹ̀, ìyẹn ló ń sọ fún un pé orúkọ ti pé.

Àbájáde kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ ẹ bá rí i: tí ìlà kìíní bá mú nọ́ńbà márùn-ún wá dípò mẹ́rin, A ìpolówó àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíì á máa rí sáìtì, ẹlòmíì á máa rí ìpolówó, àwọn méjèèjì á sì máa jiyàn lórí WhatsApp. Ẹ tún bèèrè AAAA, torí ti àtijọ́ lè wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí, fóònù tó ń lo IPv6 á sì máa bá a lọ.

Àgádágodo https ló kẹ́yìn. Àyè Enforce HTTPS ò kọ́kọ́ gbà á, GitHub sọ pé ó lè tó wákàtí 24, tiwa ò tó ìdajì wákàtí. Tí tiyín bá kọjá ọjọ́ kan, ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù CAA nínú ìwé yín. Òun ló ń sọ ẹni tó láṣẹ láti fún dómeènì ní sẹ́tífíkéètì, tó bá wà níbẹ̀ tí kò dárúkọ letsencrypt.org, sẹ́tífíkéètì ò ní jáde láéláé, ẹ fi ìlà kan kún un fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ìmeèlì kan ránṣẹ́ sí akápò láti ìta, ó wọlé, wọ́n fèsì. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n gbé líǹkì sórí gúrúùpù. Mo gbé TTL sókè sí 3600 lọ́jọ́ kejì.

Mo tún kọ ohun kan sílẹ̀ fún wọn nítorí ọjọ́ iwájú. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kó kúrò ní họ́ọ̀sì yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ CNAME àti A kúrò nínú ìwé, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pa sáìtì rẹ́. Tí wọ́n bá ṣe é lódì, orúkọ ẹgbẹ́ á máa tọ́ka sí ilé tí kò ní olúwa, bí TXT ìjẹ́rìí yẹn ò bá sì sí níbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá tètè dé ibẹ̀ lè wọlé jókòó.